Ẹ ṣé gan-an Dádì, agbádá kàmpálà yín rèé

Ẹ rọra wò ó kí ẹ tó kọjá. Fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, agbádá, bùbá, ṣòkòtò àti fìlà. Èkejì ni ọrùn àti àpò àyà. Ẹ̀kẹta ni ibi tí apá ti pàdé àárín, mo mọ̀ọ́mọ̀ ya ìyẹn súnmọ́ torí pé ibẹ̀ wà lára ohun tó gba sùúrù jù nínú iṣẹ́ yìí. Dádì kan ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta níbí, ló ni ín, wọ́n ti wọ̀ ọ́ jáde lọ́dún Lísàbí, àwọn àti Mọ́mì sì ti ní kí n gbé e jáde, ìyẹn lẹ ṣe ń rí i lónìí. Dádì, Mọ́mì, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè gbé aṣọ wá kí ọdún tó kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ sì ṣeun tẹ́ ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní gbà.

Mo mọ bí àwa télọ̀ ṣe máa ń kọ ọ́. A ó gbé fọ́tò síbẹ̀, a ó kọ ọ́ pé Ọlọ́run ṣeun, kọ́sítọ́mà wa rẹwà, ó parí nìyẹn. Àdúrà ò ní kúrò lẹ́nu wa o, àmọ́ ẹni tó ń wo fọ́tò yẹn, tóun náà gbé aṣọ kan pamọ́ sílé tó ń rò ó pé ta ni kóun gbé e fún, kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Kò mọ̀ bóyá èmi ni mo ra aṣọ àbí wọ́n gbé e wá ni, kò mọ iye yáàdì tó wọ̀ ọ́, kò mọ ohun tó le nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́sítọ́mà tá à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an máa ń fẹ́ ká sọ ohun tá a jọ ṣe, torí òun náà á fi han àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ṣe tèmi. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi máa ń gùn. Ẹni tó bá ń kánjú, kó wo fọ́tò kó máa lọ, a ò bínú.

Mọ́mì ló ra aṣọ yìí lọ́jà Ìtòkú, kàmpálà aláró dúdú tó ní òbìrìkìtì funfun káàkiri, irú èyí tí wọ́n fi fóòmù tí wọ́n gbẹ́ tẹ àbẹ́là gbígbóná sí lára kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ìdì méjì ni, yáàdì 5, yáàdì 5, kó lè jẹ́ 10, torí agbádá pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò fún àgbàlagbà ọkùnrin, tí aṣọ ò bá fẹ̀ ju ìnṣì 45 lọ, 10 yẹn náà ni mo máa ń ní kí wọ́n rà. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe tí ìdì bá ti ju ẹyọ kan lọ ni pé mo máa gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, níta gbangba, mi ò ní dúró sábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù torí gílóòbù yẹn ń parọ́, gbogbo aró ló máa ń sọ di dúdú. Mo tú ìdì méjèèjì, mo gbé etí kan lé etí kejì lórí, bí mo ṣe wò ó báyìí, wọn ò jọra. Ọ̀kan dúdú dáadáa, èkejì wá fẹ́ máa fi ojú jọ ojú sánmà ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe pé ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ o, téèyàn bá wo ọ̀kan lónìí kó wá wo èkejì lọ́la kò ní mọ̀, àmọ́ téèyàn bá rán wọn pọ̀ mọ́ ara wọn lára ẹnì kan, láti òpópónà ni wọ́n á ti rí i.

Mọ́mì ní, "Háà, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti rà á o, ojú kan náà ló ti kó o fún mi."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, aláró yẹn ò rẹ́ yín jẹ. Aró inú báfù kan náà ni wọ́n á máa ki aṣọ bọ̀, aṣọ tó bá kọ́kọ́ wọlé á mu aró tó le, èyí tó bá tẹ̀ lé e á bá a níbi tó ti ń rọ̀. Tí wọ́n bá sì po òmíràn, tí kọ́sítíìkì àti háídírò ẹ̀ ò ṣe déédéé pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, àwọ̀ á tún yí."

Ká má parọ́, inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀ nígbà tí mo rí i, torí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde nílé iṣẹ́ kì í yàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún yí ẹ̀yìn aṣọ náà padà, òbìrìkìtì funfun yẹn yọ ní ẹ̀yìn bó ṣe yọ lójú. Àbẹ́là máa ń wọnú aṣọ kọjá sódì kejì ni, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n kàn fi ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń ṣe bàìbàì. Nítorí náà, aṣọ tọ́wọ́ ṣe gidi ni, kì í ṣe aṣọ ayédèrú, ó kàn jẹ́ pé èmi télọ̀ ni mo máa wá ibi tí ìyàtọ̀ yẹn á gbà.

Mọ́mì padà lọ sọ́jà lọ wò ó bóyá wọ́n lè rí ìdì kan tó bá èyí tó dúdú mu, kò sí. Wọ́n tún ní ṣé kí wọ́n gbé èyí tó mọ́lẹ̀ yẹn padà lọ rẹ kó lè dúdú sí i. Mo ní rárá o, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àbẹ́là tó dáàbò bo funfun yẹn ti kúrò, tí wọ́n bá tún kì í bọ aró, funfun náà á mu ún, gbogbo òbìrìkìtì yẹn á di búlúù, a ò ní rí ọnà kankan mọ́. Ohun tí mo wá sọ fún wọn ni pé ká má gbìyànjú láti fi ìyàtọ̀ yẹn pamọ́, ká jẹ́ kó dà bíi pé a yàn án bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó dúdú, gbogbo ẹ̀ pátá á lọ sí agbádá. Èyí tó mọ́lẹ̀ á di bùbá, ṣòkòtò àti fìlà. Tí Dádì bá wọ̀ ọ́, àárín á dúdú, orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí àárín agbádá jẹ́ ọ̀kan kí apá ẹ̀ jẹ́ èkejì.

Mọ́mì rò ó díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n rán, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí, mo máa ní èmi ni mo mú un wá." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò burú, Mọ́mì, tiyín ni.

Wàhálà tó wà nínú ìpinnu yẹn ni pé yáàdì 6 ni mo máa ń fẹ́ fún agbádá nìkan, èyí tó wà níwájú mi sì jẹ́ 5. Yáàdì 5 jẹ́ ìnṣì 180. Mo fọ̀ ọ́ kí n tó gé e, torí kàmpálà tí wọ́n fi sítáàṣì sí, tí wọ́n lù kó lè dán, kò tíì fi bó ṣe gùn gan-an hàn yín, ọjọ́ tí omi bá kọ́kọ́ kàn án ló máa sún kì. Èyí tí wọ́n bá rán láìfọ̀, ọwọ́ alágbàfọ̀ ló ti máa kúrú, télọ̀ ni wọ́n sì máa sọ pé ó gé e kúrú. Omi tútù ni mo fi fọ̀ ọ́, omi àkọ́kọ́ dúdú bí ẹ̀lúbọ́ tí wọ́n rò, mo ń dà á nù, mo ń rọ òmíràn, títí omi fi mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn mo fi aṣọ funfun tó tutù nù ún, aṣọ funfun yẹn ò mú àwọ̀ kankan, mo wá mọ̀ pé ó ti tán lára ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ iyọ̀ sí i, èmi ò tíì rí i kí iyọ̀ dá aró tó fẹ́ jáde dúró, omi púpọ̀ ni mo gbà gbọ́. Ìdì kejì náà, bákan náà ni mo ṣe fún un.

Nígbà tó gbẹ tí mo lọ̀ ọ́, ìdì tó dúdú yẹn ku ìnṣì 176. Ìlàjì ẹ̀, 88, ni àárín agbádá, tí mo bá ká a sí méjì ní èjìká ó jẹ́ 44 níwájú àti 44 lẹ́yìn, tí mo bá yọ ìnṣì kan tí mo máa fi ká ìsàlẹ̀, ó ku 43. Dádì ò ga púpọ̀, 43 yẹn sọ̀ kalẹ̀ kọjá orúnkún wọn dáadáa, irú gígùn tí wọ́n ń wọ̀ nísinsìnyí náà nìyẹn. Ká ní èèyàn gíga ni, ọgbọ́n yìí ò bá má ṣiṣẹ́, ǹ bá ní kí wọ́n wá aṣọ mìíràn ni. Ìlàjì tó kù ni mo là sí méjì gbọọrọ fún apá ọ̀tún àti apá òsì, ó lé díẹ̀ ní ìnṣì 20 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí mo ránṣọ tán. Láti àárín ọrùn dé etí apá wá jẹ́ nǹkan bí ìnṣì 42, láti àárín ọrùn dé ọrùn ọwọ́ Dádì sì jẹ́ 32, ó ṣẹ́ku bíi 10 tí wọ́n á máa ká sórí èjìká. Agbádá tí ò bá ní ohun tí wọ́n á ká sórí èjìká, dáńṣíkí tó sanra ni.

Ọlọ́run tún bá mi ṣe é, òbìrìkìtì ni ọnà aṣọ náà, kò ní orí kò ní ìdí. Tó bá jẹ́ ẹyẹ ni, tàbí àwòrán tó ní orí, bí a ṣe ká a ní èjìká yẹn, ẹyẹ iwájú á nàró, ẹyẹ ẹ̀yìn á dorí kodò, a ò bá ní láti gé e ní èjìká ká tún rán an padà, ìyẹn á sì tún jẹ aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ àbẹ́là díẹ̀. Kàmpálà téèyàn rò pé ó ti mọ́, àbẹ́là ṣì máa ń ṣẹ́kù nínú funfun ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á ẹ máa mọ̀ pé ibẹ̀ le díẹ̀, ó sì máa ń yọ̀. Tí mo bá lẹ gọ́ọ̀mù-sitéè tó máa ń mú kí ọrùn le mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, kò ní mú níbi tí àbẹ́là wà, lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ọrùn á máa wú bí ẹni pé afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀. Nítorí náà, mo tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sábẹ́ àyà àti ọrùn, mo tún tẹ́ òmíràn sórí, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ìwé yẹn á máa mu àbẹ́là, ẹ máa rí i tó ń ṣe bí ìwé tí wọ́n fi di àkàrà. Mo pààrọ̀ ìwé títí tí kò fi mu nǹkan kan mọ́, ìgbà yẹn ni mo tó lẹ gọ́ọ̀mù-sitéè sẹ́yìn ẹ̀.

Ó wá kan ọnà ọrùn, ibi tí èmi àti Dádì ti fẹ́ ṣe àríyànjiyàn díẹ̀. Dádì fẹ́ òwú funfun, wọ́n ní funfun ló máa ń yọ lára aró. Òótọ́ ni tí aró bá dúdú lásán, àmọ́ aṣọ yìí ti ní funfun káàkiri, ọnà funfun lórí òbìrìkìtì funfun á pòórá, àwọn èèyàn á kàn rí i pé ọrùn Dádì wú ni. Mo gé díẹ̀ lára aṣọ tó mọ́lẹ̀, mo mú òwú búlúù tó bá a mu gan-an, mo tẹ́ ẹ sórí èyí tó dúdú níwájú wọn nínú oòrùn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Hẹn, ó dáa bẹ́ẹ̀." Òwú yẹn ló wá so gbogbo ẹ̀ pọ̀, torí àwọ̀ bùbá tó ń yọ lábẹ́ ti wà lọ́rùn agbádá lókè, kò sẹ́ni tó máa rò pé aṣọ ò tó ni.

Àárín agbádá nìkan ni mo gbé fún oní-monogíráàmù, mi ò tíì so apá mọ́ ọn, mi ò sì tíì gé ihò ọrùn. Mo kàn fi ṣọ́ọ̀kì ya ọrùn sí i. Ìdí ni pé òwú púpọ̀ máa ń fa aṣọ jọ, ọrùn téèyàn ti gé tẹ́lẹ̀ á fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan á yọ lọ́nà kejì, tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kò sí áyọ́ọ̀nù tó lè tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, mo gbé e rọ̀ mo wò ó bóyá etí ọnà yẹn ń ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi, kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, mo wá gé ọrùn.

Síso apá mọ́ àárín, fọ́tò kẹta yẹn nìyẹn. Òbìrìkìtì tó wà lára aṣọ tọ́wọ́ tẹ̀ kì í tò lọ́gbọọgba, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ náà máa ń rẹ̀, ìlà kan á ga ju èkejì lọ. Torí náà kò ṣeé ṣe kí gbogbo ìlà apá bá ti àárín mu láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹni tó bá ní òun lè ṣe é ń fi aṣọ ṣòfò ni. Ohun tí mo ṣe ni pé mo jẹ́ kí ìsàlẹ̀ apá gòkè díẹ̀ ju ti àárín lọ, ìyẹn fún mi ní ìnṣì mélòó kan tí mo lè fi fa apá sókè sódò. Mo wá mú un pàdé ní èjìká àti àyà, níbi tí ojú èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Láti ikùn sísàlẹ̀ mo jẹ́ kó máa lọ bó ṣe fẹ́. Ẹ wo fọ́tò yẹn dáadáa, ẹ máa rí i pé nísàlẹ̀ òbìrìkìtì ọ̀tún ga díẹ̀ ju ti àárín lọ, mi ò fi pamọ́. Abẹ́rẹ́ pínnì ni mo kọ́kọ́ fi dì í, lẹ́yìn náà òwú àfọwọ́rán, kó tó dé abẹ́ máṣíìnì, torí kàmpálà tó ti dán máa ń yọ̀ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi di ẹ̀yìn ẹ̀ mú fún mi kó má bàa máa wọ́ ọ.

Dádì wá wọ̀ ọ́ wò kí n tó ká ìsàlẹ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dìde, kí wọ́n ká apá sórí èjìká bí wọ́n ṣe máa ká a lóde. Téèyàn bá kàn dúró ṣánṣán kì í mọ̀ pé ọrùn ń fà sẹ́yìn. Tiwọn fà sẹ́yìn díẹ̀, torí ọnà iwájú fúyẹ́ ju gbogbo aṣọ tí wọ́n ká sẹ́yìn èjìká lọ, ọ̀pọ̀ agbádá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi bíi ààbọ̀ ìnṣì kún bí ọrùn ṣe jìn níwájú, ó sì jókòó.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ló kù. Òwúrọ̀ ni mo yà á, lábẹ́ ìbòòji ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí oòrùn ọ̀sán máa ń pa búlúù di funfun, gílóòbù sì máa ń sọ búlúù méjèèjì di dúdú kan náà, ìyàtọ̀ tá a fi gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe ò bá má hàn rárá. Ọrùn sísàlẹ̀ nìkan ni mo yà, Dádì ni wọ́n ní ká má fi ojú àwọn sí i, mo sì fara mọ́ ọn. Wọ́n tún ní kí n má gbé e jáde kí ọdún tó kọjá, torí ẹgbẹ́ wọn ò gbọ́dọ̀ rí i ṣáájú. Àwa télọ̀ míì máa ń kánjú níbẹ̀, aṣọ ò tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo ìlú ti rí i. Ẹni tó fowó ṣe aṣọ, ẹ jẹ́ kóun náà kọ́kọ́ jẹ ojú tuntun ẹ̀. Mi ò sì kọ orúkọ wọn síbẹ̀, mi ò kọ ibi tí ilé wọn wà, "Dádì" tó fún wa.

Kí n tó gbé e jáde, ohun tí mo kọ sábẹ́ ẹ̀ fún àwọn tí kì í kàwé gígùn nìyí: "Kàmpálà Ìtòkú, yáàdì 10, kọ́sítọ́mà ló gbé aṣọ wá. Agbádá, bùbá, ṣòkòtò, fìlà. Búlúù méjì, òwú ọrùn bá èyí tó mọ́lẹ̀ mu. A fọ̀ ọ́ kí a tó gé e. Dádì, Mọ́mì, a dúpẹ́, ẹ máa lò ó pẹ́." Owó iṣẹ́ ò sí níbẹ̀ torí owó oní-monogíráàmù ń yí padà, mi ò fẹ́ kẹ́nì kan mú ti oṣù yìí wá fún mi lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó bi mí. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé tiẹ̀ wá, kó sọ fún aláró pé yáàdì 10 tí wọ́n rẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lòun ń fẹ́, kó sì tú u wò níta kó tó sanwó.

Mọ́mì, ti agbàfọ̀ tẹ́ ẹ béèrè lórí fóònù lánàá: omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, ẹ fọ agbádá lọ́tọ̀, ẹ má rẹ ẹ́ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fún un bí aṣọ ìnulẹ̀. Abẹ́ ìbòòji ni kẹ́ ẹ sá a sí, kí ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ síta. Áyọ́ọ̀nù náà, ẹ̀yìn ọnà ni kẹ́ ẹ ti lọ̀ ọ́. Aṣọ tó ṣẹ́kù lára èyí tó mọ́lẹ̀ wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ṣòkòtò, mi ò jù ú nù o.